Lẹ́tà àfikún owó tí mo kọ sí Alhaji nígbà tí sìmẹ́ǹtì àti irin gbówó lórí

Agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ mi kò tóbi, àwọn tí mo sì máa ń bá kọ́lé jù ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Èkó, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń wá wo iṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sí nítòsí nígbà tí iye ọjà bá yí padà. Ohun tí yóò kàn gbọ́ lórí fóònù ni pé owó kò tó mọ́, bó sì ti wù kí agbaṣẹ́ṣe fara balẹ̀ sọ ọ́ tó, etí tí oníbàárà máa ń fi gbọ́ ọ ni pé ẹni yìí ń wá owó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Lẹ́tà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí mo kọ ní oṣù Kejì ọdún 2024 sí bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, nítorí pé ìgbà tí mo ń kọ ọ́ ni ó tó yé mi dáadáa bí a ṣe ń ṣírò àfikún owó tí oníbàárà yóò fi lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì kan ni ó gbé fún mi. A fẹnu kò ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 sí ₦11,000,000 láti ìpìlẹ̀ títí dé orí ògiri òkè, láìka òrùlé, ilẹ̀kùn àti rírẹ́ ògiri mọ́ ọn. Nígbà yẹn, ₦4,600 ni mo ń ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, ₦450,000 sì ni mo ń ra tọ́ọ̀nù irin kan. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò ju nǹkan bíi ₦460 lọ ní iye ti ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti lé ní ₦1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ìgbà tí a parí ògiri ìsàlẹ̀, tí owó dẹ́kìn sì fẹ́ wọlé, àpò sìmẹ́ǹtì ti di ₦9,500 ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rajà, tọ́ọ̀nù irin sì ti di ₦980,000.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa agbaṣẹ́ṣe ń gbà ṣe é ni pé kí a fi ìdá kan kún gbogbo owó iṣẹ́. Ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún kún àdéhùn oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Alhaji, àfikún náà ì bá jẹ́ ₦4,400,000, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò sì bi mí ni bóyá ìpìlẹ̀ tí a ti sin sínú ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá náà tún gbówó lórí. N kò ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè yẹn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ní in. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé pláànù ilé kalẹ̀, mo sì tún gbogbo ohun tí a kò tíì rà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé ìdíyelé àtijọ́. Iye ohun èlò kò gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí ilé kan náà ni. Bí iye àpò bá lọ sókè pẹ̀lú iye owó, ó túmọ̀ sí pé mo ṣì í kà nígbà àkọ́kọ́ tàbí pé mo ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ọ̀wọ́n ọjà, kò sì sí èyí tó yẹ kí oníbàárà sanwó rẹ̀ nínú méjèèjì.

Lẹ́tà náà nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́, àfi orúkọ àti àdírẹ́sì tí mo yọ kúrò.

“Alhaji wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyá wa, mo sì kí gbogbo ilé. Mo dúpẹ́ fún owó tí ẹ fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, a ti fi í parí líńtẹ́ẹ̀lì àti ògiri ìsàlẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi tó yín létí kí n tó ra ohunkóhun fún dẹ́kìn pé owó tó kù nínú àdéhùn wa kò ní lè gbé dẹ́kìn àti ògiri òkè parí, nítorí pé iye sìmẹ́ǹtì àti iye irin ti kúrò ní ibi tí wọ́n wà nígbà tí a jọ ṣírò ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá. Àfikún tí mo ń bẹ̀ yín fún jẹ́ ₦2,530,000. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dé orí rẹ̀, kí ẹ lè fún ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ wò kí ẹ tó fèsì.

Ìpìlẹ̀, òpó ìsàlẹ̀ àti ògiri ìsàlẹ̀ ti parí, iye àtijọ́ ni a sì fi ra ohun èlò wọn. N kò fi kọ́bọ̀ kan kún wọn.

Sìmẹ́ǹtì tó kù láti rà jẹ́ 300 àpò. Kọnkéré dẹ́kìn, ti bíìmù, ti àkàbà àti ti òpó òkè jọ jẹ́ kúbíìkì mítà 28. Bí a bá fi agbada sìmẹ́ǹtì kan po yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin, kúbíìkì mítà kan máa ń gba nǹkan bí àpò mẹ́fà àbọ̀, èyí sì jẹ́ kí ti kọnkéré jẹ́ 180 àpò. Búlọ́ọ̀kù oníníńṣì mẹ́sàn-án fún òkè jẹ́ 2,400, ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù ni mo sì ń mú jáde nínú àpò kan, nítorí náà 80 àpò ni. Àwọn birikìlà yóò fi 40 àpò tò wọ́n. Nínú ìdíyelé wa àkọ́kọ́, 300 àpò yìí kan náà ni ẹ ó rí. Iye àpò kan ni ó fi ₦4,900 lọ sókè, ìyẹn sì jẹ́ ₦1,470,000.

Irin tí iṣẹ́ tó kù yóò gbà jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Tọ́ọ̀nù kan nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 12, ti wà nínú ilé ìpamọ́ wa láti oṣù Kẹjọ, owó yín ni mo sì fi rà á kí iye tó gòkè dé ibi tó dé yìí. N kò ní ṣírò rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Tọ́ọ̀nù méjì ni mo fẹ́ rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti fi ₦530,000 lọ sókè, ìyẹn jẹ́ ₦1,060,000.

Owó òṣìṣẹ́, owó pákó àti owó ìdarí iṣẹ́ tèmi kò yí padà. Òkúta àti yanrìn ti wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà ti rí wọn.

Bí gbogbo owó náà kò bá lè wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí ti dẹ́kìn kọ́kọ́ wá, ìyẹn ₦1,942,000 fún 180 àpò àti tọ́ọ̀nù irin méjì. Ti búlọ́ọ̀kù, tí ó jẹ́ ₦588,000, lè dúró di ìgbà tí dẹ́kìn bá gbẹ. Ṣùgbọ́n dẹ́kìn fúnra rẹ̀ kò ṣe é dá sí méjì. Bí a bá da ìdajì lónìí tí a sì da ìyókù lẹ́yìn oṣù kan, ojú ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ni omi yóò máa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ sán. Bí owó dẹ́kìn kò bá tíì pé, ó sàn kí a fi ilé sílẹ̀ bó ti wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí a dín irin kù, kí a tò wọ́n jìnnà síra ju níńṣì mẹ́fà tí ẹ́ńjíníà yà sínú pláànù lọ, tàbí kí a da kọnkéré náà ní níńṣì márùn-ún dípò mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ dín owó kù, ẹ jẹ́ kí a dá fẹ́ǹsì àti géètì dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Màá mú rìsíìtì gbogbo ohun tí mo bá rà wá fún yín. Bí iye bá wálẹ̀ kí n tó rà, tiyín ni ohun tó bá kù. Bí ó bá tún gòkè, n kò ní rà á kí n tó bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ ra irin lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé òun kò lè di iye yìí mú ju ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lọ.

Èmi ni ọmọ yín, agbaṣẹ́ṣe yín.”

Nípa gígùn lẹ́tà náà, àwọn kan máa ń sọ pé ó ti pọ̀ jù fún bàbá àgbà láti kà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń san owó ilé yóò ka ohunkóhun tó bá kan owó náà, àwọn tí kò sì ní kà á ni yóò gbé e fún ọmọ tàbí àbúrò tí yóò kà á. Ohun tí mo ṣọ́ra fún ni pé kí iye tí mo ń bèèrè wà ní òkè, kí ó má baà máa wá a kiri títí dé ìsàlẹ̀, àti pé kí lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀ kí n tó ra ohunkóhun. Lẹ́tà àfikún tí ó bá dé lẹ́yìn tí a ti da dẹ́kìn tán, gbèsè ni oníbàárà kà sí i, kò sì sí àlàyé tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ti tọ́ọ̀nù irin tó wà nínú ilé ìpamọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ láàárín àwa oníṣẹ́. Àwọn kan gbà pé ọjà tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni ti di iye tí yóò fi rà á lónìí, nítorí pé bí ó bá lò ó tán, iye tuntun ni yóò fi ra òmíràn. Òtítọ́ ni èyí fún ẹni tó ń ta irin ní ṣọ́ọ̀bù. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ra ọjà, òun ló ń gbé ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó Alhaji ni a fi ra irin yẹn. Èmi kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ ní iye tuntun, ₦530,000 ni ì bá tún wọ àpò mi lórí ohun tí kì í ṣe tèmi.

Alhaji kò fèsì lórí fóònù. Ó wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà, ó sì mú lẹ́tà náà dání pẹ̀lú bírò. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí gbogbo ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń bi mí.

“Ìwọ, ṣé kì í ṣe ní Ṣàgámù níbí ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni? Òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń lọ̀. Kí ló wá kan dọ́là?”

Ìbéèrè gidi ni. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti wà láti ọdún 1960, ti Ṣàgámù sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978, nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ apá ibẹ̀. Mo sọ fún Alhaji pé òkúta náà nìkan ni kò ní dọ́là nínú. Wọ́n ní láti fi iná tó gbóná gan-an sun ún kí ó tó di sìmẹ́ǹtì, dọ́là ni wọ́n sì fi ń díye gáàsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sun ún. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń pààrọ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni dísù tí tírélà ń jó láti ilé iṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ní ti irin, ilẹ̀ wa kò tíì máa yọ irin láti inú òkúta irin ní iye tó lè tó ọjà, nítorí pé Àjàòkúta kò tíì ṣe é bí wọ́n ti pète rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní agbègbè Ògìjo àti Ṣàgámù ń yọ́ páńtí irin, ohun tí àwọn tó ń kó irin àtijọ́ kiri ń tà fún wọn, àwọn mìíràn nínú orílẹ̀-èdè sì ń ra irin tí kò tíì di ọ̀pá láti òkè òkun wá fà. Iná mànàmáná ni ìléru wọn ń jẹ, bí ti ìjọba kò bá sì sí, gáàsì tàbí dísù ni. Alhaji gbọ́ ọ, ó fi bírò fàlà sábẹ́ nǹkan kan nínú lẹ́tà náà, ó sì kọjá sí èyí tó kàn.

Èyí tó kàn náà ni ó gba àkókò wa jù. Àbúrò rẹ̀ sọ pé òun ti béèrè iye irin mìlímítà 12 ní ibòmíràn, pé ₦9,000 ni wọ́n pe ọ̀pá kan fún òun, nígbà tí tèmi jẹ́ nǹkan bí ₦10,540 bí a bá pín ₦980,000 sí ọ̀pá 93 tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ìyàtọ̀ tó lé ní ₦1,500 lórí ọ̀pá kan kì í ṣe kékeré, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, gbogbo ìyókù lẹ́tà náà ti bàjẹ́.

Mo ní kí a jọ lọ rà ọ̀pá kan níbẹ̀, a sì lọ. Nígbà tí a dé, mo bèèrè pé ọ̀pá mélòó ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan ọjà wọn. Ọmọkùnrin tó ń tà á dáhùn láìfi pamọ́ pé 111 ni. Ìdáhùn yẹn ti sọ ohun gbogbo fún ẹni tó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan fún Alhaji, nítorí náà a gbé ọ̀pá náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn irin àtijọ́, a sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọ̀pá irin mìlímítà 12 tó pé, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bíi kílò 10.66. Èyí tí a rà kò pé kílò mẹ́sàn-án.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ sọ nínípọn irin náà ní mìlímítà di púpọ̀ ní ìgbà iye ara rẹ̀, kí ẹ sì pín in sí 162, iye kílò tó wà nínú mítà kan ni yóò jáde. Fún 12, yóò jẹ́ 144 tí a pín sí 162, ìyẹn kílò 0.89. Fún 11, yóò jẹ́ 121 tí a pín sí 162, ìyẹn kílò 0.75, tí yóò fi jẹ́ kílò 8.96 fún gbogbo gígùn ọ̀pá náà. Irin mìlímítà 11 ni wọ́n ń tà ní orúkọ 12. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ mìlímítà kan, pàápàá lára irin tí wọ́n fi ìlà yí ká, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n rí i, iye ọ̀pá inú tọ́ọ̀nù náà sì rí i. Bí irin mìlímítà 12 bá ju 94 lọ nínú tọ́ọ̀nù, tàbí tí mìlímítà 16 bá ju 53 lọ, ó ti fẹ́lẹ́ tàbí kí wọ́n ti gé e kúrú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá pín owó sí kílò lójú wọn. Irin tèmi ní ₦980,000 fún tọ́ọ̀nù jẹ́ ₦980 fún kílò. Irin fẹ́lẹ́ yẹn ní ₦9,000 fún kílò 8.96 lé díẹ̀ ní ₦1,004 fún kílò. Èyí tó dà bí ẹni pé ó rọjú gan-an ni ó wọ́n jù, ó sì tún fi nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ẹ́ńjíníà ṣírò sórí dẹ́kìn dù wá. Àbúrò Alhaji ló ṣe ìpínpín náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, èyí sì dára ju kí n ṣe é lọ. Láti ìgbà náà, n kò tún kọ iye ọ̀pá nìkan sínú ìdíyelé mọ́. Mo máa ń kọ tọ́ọ̀nù, mo sì máa ń kọ iye ọ̀pá tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó bá pe iye tó kéré jù ti máa ń rí àyè.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ẹnu Alhaji fúnra rẹ̀. Ó ní bí ọjà bá ń gòkè báyìí, kí ló dé tí a kò ní ra gbogbo 300 àpò náà lẹ́ẹ̀kan, kí a tọ́jú wọn. Ìmọ̀ràn àgbà ni, ó sì tọ̀nà fún irin, èyí tí a lè tò sórí igi kúrò nílẹ̀, kí a bo ó, kí ó pẹ́ bó bá ti wù ú. Ìpẹtà díẹ̀ lójú rẹ̀ kò sọ ọ́ di aláìlágbára. Sìmẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gba inú àpò rẹ̀, bí ó bá sì lò tó oṣù mẹ́ta, kódà ní ibi tó dára, ó ti pàdánù apá kan nínú agbára rẹ̀. Oṣù Kejì ni a wà, òjò Ìjẹ̀bú kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé náà kò sì tíì ní òrùlé. Mo sọ fún un pé ti dẹ́kìn nìkan ni màá rà, pé màá tò ó sórí pákó kúrò lára ògiri, kò sì ní ga ju àpò mẹ́wàá lọ kí èyí tó wà nísàlẹ̀ má baà dì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì ti bàjẹ́, kí ó fi ọwọ́ bọ inú àpò. Bí ó bá rí kókó tí ìka rẹ̀ kò lè fọ́ túútúú, kí ó má fi í ṣe dẹ́kìn.

Alhaji san ₦1,942,000 ti dẹ́kìn. Kò san ti búlọ́ọ̀kù, ó ní kí a wò bí ọjà yóò ṣe rí, ojú rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju tèmi lọ lórí èyí. Ní oṣù Kejì yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jọ sí Àbújá, wọ́n sì jáde pẹ̀lú àdéhùn pé àpò kan kò gbọ́dọ̀ ju ₦7,000 sí ₦8,000 lọ, gẹ́gẹ́ bí ibi tó bá wà. Ọjà kò tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù ní oṣù Kẹrin, ₦8,000 ni mo ra 120 àpò tó kù. Àfikún lórí wọn wá jẹ́ ₦408,000 dípò ₦588,000, mo sì kọ lẹ́tà kúkúrú mìíràn sí i pẹ̀lú rìsíìtì pé kò ní san ₦180,000 yẹn mọ́. Ó pe mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní lẹ́tà irú èyí kò tíì dé ọwọ́ òun rí láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe.

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ọdún náà, tó bọ́ sí oṣù Kẹfà lẹ́yìn Iléyá, ògiri òkè ti dúró ṣùgbọ́n kò tíì sí òrùlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Alhaji nínú régbérégbé rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn ni ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ọdún yẹn.

Ìwé àdéhùn tí a ṣe lẹ́yìn náà fún òrùlé àti rírẹ́ ògiri ní gbólóhùn kan tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́, mo sì ti ń kọ ọ́ sínú gbogbo àdéhùn mi láti ìgbà náà: “A ṣírò owó yìí lórí iye àpò sìmẹ́ǹtì kan àti iye tọ́ọ̀nù irin kan ní ọjọ́ tí a buwọ́ lu ìwé yìí, bí a ti kọ wọ́n sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ sókè tàbí tó wálẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí a tó rà á, a ó tún ìyàtọ̀ náà ṣírò lórí iye tí a kò tíì rà nìkan, agbaṣẹ́ṣe yóò sì fi tó onílé létí nínú lẹ́tà kí ó tó náwó kankan.”